Páìpù "ínṣì 2" tí kò sí ínṣì 2 lára rẹ̀: bí a ṣe ń ka àtẹ ṣẹ́dúùlù

Ẹ mú páìpù irin tí wọ́n kọ "2" sí lára, kí ẹ fi kálípà gbá a mú láti ẹ̀yìn. Mìlímítà 60.3 lẹ máa kà. Bẹ́ẹ̀, ínṣì 2 gan-an kò ju mìlímítà 50.8 lọ. Ẹ wá ti ẹnu kálípà bọ inú rẹ̀: bó bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ẹ máa rí nǹkan bíi 52.5. Kò sí ibì kankan lára páìpù yẹn, lóde tàbí nínú, tó jẹ́ ínṣì 2. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ.

Orúkọ ni "2" yẹn. Ẹni tó bá lò ó bí ìwọ̀n máa lu ihò ínṣì 2 sára ògiri, páìpù ò sì ní gba ibẹ̀ kọjá. Ó máa ra kílámpù tí kò ní yí páìpù ká. Bó bá sì jẹ́ omi ló fẹ́ ṣírò, iye tó máa gbé kalẹ̀ kò ní bá ti ojú páìpù mu. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, a máa mú páìpù kan tí àmì ara rẹ̀ ti pa rẹ́, a máa dá a mọ̀ láti inú àtẹ, lẹ́yìn náà a máa lọ sí páìpù 12, níbi tí àtẹ náà ti ń ṣi àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá lọ́nà.

Ìdí tí orúkọ àti ìwọ̀n fi yà

Nígbà àtijọ́, orúkọ páìpù irin sún mọ́ ìdábùú inú rẹ̀, nítorí pé ìnípọn kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀ fún títóbi kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá, àwọn èèyàn nílò páìpù tí ara rẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún agbára ìtì tó le, ìyẹn bí ohun tó wà nínú páìpù ṣe ń ti ara rẹ̀, wọ́n sì nílò èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ìtì ò ti pọ̀. Bí wọ́n bá wá jẹ́ kí ẹ̀yìn páìpù máa tóbi tàbí kó máa kéré bí ìnípọn ṣe ń yí padà, tírẹ́ẹ̀dì kan náà ò ní bá gbogbo wọn mu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́líbò, kílámpù àti fùlánǹjì. Torí náà ni wọ́n ṣe fi ìdábùú òde sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo ìyípadà, inú ló bọ́ sí. Ẹ wo yàrá tí wọ́n ń rẹ́ ògiri rẹ̀ láti inú: bí wọ́n bá ṣe ń fi sìmẹ́ńtì kún un tó, bẹ́ẹ̀ ni yàrá ń kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lóde ò rí ìyàtọ̀ kankan lára ilé.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú àtẹ títí dòní. Ìdábùú òde páìpù 12 jẹ́ ínṣì 12.75. Ìnípọn ara èyí tí wọ́n ń pè ní `STD` jẹ́ ínṣì 0.375. Bí a bá yọ ìnípọn náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ara páìpù wà ní ìhà méjèèjì, ínṣì 12 géérégé ló máa kù nínú. Àmọ́ láti 14 lọ sókè, ètò yí padà: orúkọ àti ìdábùú òde di ọ̀kan náà. Páìpù 14 jẹ́ ínṣì 14 lóde, páìpù 16 jẹ́ 16, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ. Ẹni tó bá ń fọkàn ṣírò gbọ́dọ̀ rántí ààlà tó wà láàárín 12 àti 14 yìí.

Díẹ̀ rèé lára àtẹ náà fún páìpù irin, bó ṣe wà nínú òṣùwọ̀n ASME B36.10M. Mìlímítà ni gbogbo nọ́mbà tó wà lẹ́yìn òpó àkọ́kọ́.

```
NPS    OD      SCH 40   SCH 80   STD     XS
1/2    21.3    2.77     3.73     2.77    3.73
2      60.3    3.91     5.54     3.91    5.54
4      114.3   6.02     8.56     6.02    8.56
10     273.0   9.27     15.09    9.27    12.70
12     323.8   10.31    17.48    9.53    12.70
14     355.6   11.13    19.05    9.53    12.70
```

`NPS` ni orúkọ, `OD` ni ìdábùú òde, ìnípọn ara ló sì wà lábẹ́ àwọn òpó tó kù. `SCH` ni ṣẹ́dúùlù, ìyẹn nọ́mbà tí wọ́n fi ń pe ìnípọn ara páìpù. `STD` àti `XS` náà jẹ́ orúkọ ìnípọn. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ, ẹ tún máa rí `DN`, tí í ṣe orúkọ kan náà lọ́nà ti mìlímítà: páìpù 2 ni `DN 50`, páìpù 4 ni `DN 100`. Kí 50 yẹn má ṣe tàn yín. Orúkọ lòun náà, ìdábùú òde rẹ̀ ò kúrò ní 60.3.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kan inú

Ká ní páìpù irin kan ń jò, ẹ sì fẹ́ pààrọ̀ apá kan rẹ̀. Ọ̀dà ti bo gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ìdábùú òde ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun nìkan ni kì í yí padà bí ṣẹ́dúùlù bá yí padà.

Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin tó mọ́ á fi yọ yí ká. Ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà lè fi odindi mìlímítà kan kún ohun tí ẹ máa kà. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi méjì tó dábùú ara wọn, nítorí pé páìpù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè ti tẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnu kálípà yín ò bá gbà á, ẹ fi téèpù pẹlẹbẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi 3.1416 pín ohun tí ẹ bá kà. Bí àpẹẹrẹ, bí téèpù bá fún yín ní 189, páìpù náà jẹ́ 60.2. Ọ̀nà téèpù yìí wù mí ju kálípà lọ fún páìpù ńlá, torí pé ó máa ń bá wa wá agbedeméjì ìwọ̀n tó tóbi àti èyí tó kéré fúnra rẹ̀ bí páìpù ò bá rí róbótó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìlà tó jẹ́ tirẹ̀

Ẹ gba òpó `OD` sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú 60.2 tí ẹ rí. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni 60.3, ìlà páìpù 2. Nínú àtẹ kíkún, ìlà tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn páìpù 1½, jẹ́ 48.3, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, páìpù 2½, jẹ́ 73.0. Àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀ débi pé àṣìṣe kékeré ò lè gbé yín láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Fún páìpù 2 lọ sókè, òṣùwọ̀n ASTM A53 gbà kí ìdábùú òde fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àtẹ lọ tàbí kó fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí náà ohunkóhun láti 59.7 sí 60.9 ṣì jẹ́ páìpù 2.

Bí ohun tí ẹ kà kò bá wá sún mọ́ ìlà kankan, ẹ má fipá mú un wọlé. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ irú páìpù tí àtẹ yìí wà fún. Ọ̀pá irin onihò tí wọ́n fi ń ṣe férémù àti ẹ̀rọ máa ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, nítorí náà èyí tí wọ́n bá pè ní ínṣì 2 nínú wọn jẹ́ 50.8 lóde. Páìpù bàbà ti omi tún ní ètò tirẹ̀ nínú ASTM B88: ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì ju orúkọ lọ, torí náà bàbà 2 jẹ́ ínṣì 2.125, ìyẹn 54.0. Páìpù oníke tí wọ́n fi mìlímítà pè, bíi 63 tàbí 110, ìdábùú òde gidi ni nọ́mbà yẹn. Ẹni tó bá gbìyànjú láti ti páìpù oníke 63 bọ ohun tí wọ́n ṣe fún 60.3 á rí i pé kò wọlé, bí orúkọ wọn tilẹ̀ sún mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ara rẹ̀

Ní báyìí tí a ti mọ ìlà, ìnípọn ló máa sọ òpó tó kàn. Ẹ gé ẹnu páìpù náà kó gún régé, kí ẹ sì fi fáìlì mú gbogbo irin tó yọ ṣóńṣó nínú àti lóde kúrò. Irin ṣóńṣó yẹn máa ń jẹ́ kí ara páìpù dà bíi pé ó nípọn jù bó ṣe rí lọ. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n lórí tírẹ́ẹ̀dì, torí pé tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ lára rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin yí ká, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wù yín nìkan.

Bí kò bá sí ẹnu tí ẹ lè gé, ẹ lè lo ẹ̀rọ tí ń fi ìró wọn ìnípọn láti ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tí ẹ máa fi í lé, àfi bí ẹ̀rọ náà bá ní ètò tó lè yọ ọ̀dà kúrò nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun tí ẹ kà ni 3.8, 3.9, 3.7 àti 4.0. Lórí ìlà páìpù 2, 3.91 wà lábẹ́ ṣẹ́dúùlù 40, 5.54 wà lábẹ́ 80. Ó hàn gbangba pé 40 ni. Àmọ́ 3.7 tó wà láàárín wọn kò tó 3.91. Ṣé páìpù náà ti jẹ ni?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí òṣùwọ̀n gbà

Nọ́mbà tó wà nínú àtẹ kì í ṣe ìnípọn tí wọ́n ṣèlérí fún yín níbi gbogbo lára páìpù. Àwọn òṣùwọ̀n bíi ASTM A53 àti A106 gbà kí ibi tó fẹ́lẹ́ jù fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí iye àtẹ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ẹ fi 0.875 sọ iye àtẹ di púpọ̀:

```
SCH 40:  3.91 × 0.875 = 3.42 mm
SCH 80:  5.54 × 0.875 = 4.85 mm
```

Nítorí náà, páìpù 2 tuntun tó kúrò nílé iṣẹ́ pẹ̀lú 3.5 níbì kan ṣì jẹ́ ojúlówó ṣẹ́dúùlù 40. 3.7 tiwa ò ní wàhálà. Ẹni tó bá ń ṣírò agbára ìtì tí páìpù lè gbà, 3.42 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò, kì í ṣe 3.91, kó tún wá yọ ohun tí ìpẹtà máa jẹ àti ohun tí tírẹ́ẹ̀dì máa gé kúrò nínú rẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì oníṣóńṣó tí wọ́n ń gé sí páìpù 2 jinlẹ̀ tó nǹkan bíi 1.8. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò nínú 3.42, ohun tó kù lábẹ́ tírẹ́ẹ̀dì ò ju 1.6 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà fi máa ń béèrè fún ṣẹ́dúùlù 80 níbi tí wọ́n bá ti máa fi tírẹ́ẹ̀dì so páìpù pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 40 tó fún ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀.

Bí ohun tí ẹ kà bá wá jẹ́ 4.5 ńkọ́? Ó ju ti 40 lọ, kò sì dé ibi tó kéré jù fún 80. Ẹ wo bó ṣe tò. Bó bá jẹ́ 4.5 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn yí ká, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé òṣùwọ̀n EN 10255 ní páìpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 60.3 bákan náà: ara ti ìsọ̀rí tó nípọn jẹ́ 4.5, ti àárín jẹ́ 3.6. Kò sí ṣẹ́dúùlù nínú ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 5.4 lókè, tó wá jẹ́ 4.3 nísàlẹ̀ níbi tí omi máa ń dúró sí, ṣẹ́dúùlù 80 tí ìpẹtà ti ń jẹ ló wà lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Agbedeméjì wọn nìkan ò ní sọ èyí fún yín.

Ìwọ̀n kílò náà lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ rí. Ìṣirò tó wà fún irin nìyí, ó sì máa fún yín ní kílógíráàmù fún mítà kan:

```
kg/m = 0.0246615 × (OD − t) × t
```

`t` ni ìnípọn. Fún páìpù 2, ṣẹ́dúùlù 40 á jẹ́ 5.44, ṣẹ́dúùlù 80 á jẹ́ 7.48. Ẹ gé ìdajì mítà, kí ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: bó bá tó kílò 2.7, 40 ni. Bó bá tó 3.7, 80 ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò inú rẹ̀

Ìdábùú òde, ẹ yọ ìnípọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà púpọ̀ làwọn èèyàn ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

```
SCH 40:  60.3 − (2 × 3.91) = 52.48 mm
SCH 80:  60.3 − (2 × 5.54) = 49.22 mm
```

Ojú ihò tí omi ń gbà jẹ́ nǹkan bíi 2,163 mìlímítà lóròó-níbùú nínú ti 40, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 1,903 nínú ti 80. Ó dín ní ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi 80 rọ́pò 40 nítorí pé "ó lágbára jù", tó sì ń lo ẹ̀rọ omi kan náà, máa rí i pé omi ò wá bíi tàtijọ́ mọ́. Kílámpù, ihò ara ògiri àti tírẹ́ẹ̀dì ò ní kẹ́fín ohunkóhun, nítorí pé 60.3 ni wọ́n mọ̀.

Nọ́mbà ṣẹ́dúùlù kan náà, agbára ọ̀tọ̀

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń kó mi láyà sókè. Àwọn kan máa ń sọ pé "ṣẹ́dúùlù 40 máa gba ìtì báyìí-báyìí", láì dárúkọ títóbi páìpù. Ẹ tún àtẹ wò: 40 jẹ́ 3.91 lára páìpù 2, ó jẹ́ 10.31 lára páìpù 12. Ó dà bíi pé èyí tó tóbi ló lágbára jù. Àmọ́ ohun tí páìpù lè gbà wà lọ́wọ́ ìnípọn tí a fi ìdábùú òde pín. Lára páìpù 2, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 0.065, lára páìpù 12, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.032. Bí irin wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìtì tí ti 2 lè gbà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti 12, bẹ́ẹ̀ 40 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣọ́ra ní 10 àti 12

Ẹ padà sínú àtẹ. Láti òkè dé páìpù 10, `STD` àti `SCH 40` jẹ́ ọ̀kan náà. Láti òkè dé 8, `XS` àti `SCH 80` jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ń fi páìpù kéékèèké ṣiṣẹ́ tipẹ́ á ti fi wọ́n rọ́pò ara wọn lẹ́nu láìronú. Nígbà tó bá dé 12, `STD` jẹ́ 9.53, ṣùgbọ́n 40 jẹ́ 10.31. Ní 10, `XS` jẹ́ 12.70, ṣùgbọ́n 80 ti di 15.09. Àwọn páìpù sitéńlẹ́ẹ̀sì tí `S` wà lẹ́yìn nọ́mbà wọn, nínú ASME B36.19M, tún ní tiwọn: `40S` ti páìpù 12 jẹ́ 9.53, kì í ṣe 10.31.

Ká sọ pé páìpù 12, ṣẹ́dúùlù 40, ni ìṣirò béèrè fún, tí ẹni tó lọ ra ẹ́líbò wá mú èyí tí wọ́n kọ `STD` sí bọ̀. Tí wọ́n bá kò ó lójú, ẹ̀yìn wọn máa dọ́gba, torí 323.8 ni àwọn méjèèjì. Nínú, àkàsọ̀ tó máa wà níbẹ̀ kò ju 0.78 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, wẹ́dà lè jó o láìfura rárá. Ibi tó fẹ́lẹ́ jù tí wọ́n gbà lára ẹ́líbò náà wá jẹ́ 8.34, nígbà tí ti páìpù jẹ́ 9.02.

Èyí tó burú jù ni pé kálípà ò lè gbà yín níbí. Bí ẹ bá wọn páìpù 12 tí àmì ò sí lára rẹ̀, tí ẹ sì ka 9.5, ó lè jẹ́ `STD` tó pé pérépéré, ó sì lè jẹ́ ṣẹ́dúùlù 40 tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì wà láàárín ohun tí òṣùwọ̀n gbà. Nǹkan méjì ló kù: àmì tí ilé iṣẹ́ kọ sí i lára, àti ìwé ẹ̀rí tó bá a wá, èyí tí nọ́mbà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara páìpù mu. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ kà á sí 9.53 nínú ìṣirò yín.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ má kọ orúkọ nìkan. Ẹ kọ orúkọ, ṣẹ́dúùlù, ìdábùú òde àti ìnípọn papọ̀ lórí ìlà kan:

```
NPS 2, SCH 40, 60.3 × 3.91 mm
NPS 12, SCH 40, 323.8 × 10.31 mm
```

Bí ẹni tó ń tà á bá ka "12, 40", tó sì fẹ́ fún yín ní `STD`, 10.31 tí ẹ kọ ló máa dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ bákan náà fún ẹ́líbò àti gbogbo ohun tí wọ́n máa jó mọ́ páìpù. Ní ti fùlánǹjì tí ọrùn rẹ̀ máa kan páìpù, ẹ sọ ṣẹ́dúùlù náà fún wọn, torí wọ́n máa gbẹ́ inú rẹ̀ kó bá inú páìpù yín mu. Nígbà tí ẹrù bá dé, ẹ ka àmì ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ọ̀dà kan nínú wọn.